Ìpínrọ̀ tí mo kọ nípa Màmá dún bí ìwé ẹ̀rọ, báwo ni mo ṣe lè tún un kọ?

Abíọ́dún_Kubwa:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Màmá wa yóò pé ọdún 70 lóṣù tó ń bọ̀, èmi ni wọ́n ní kí n kọ ìpínrọ̀ tí yóò wà nínú ìwé ètò, tí wọn yóò sì kà sókè ní gbọ̀ngàn. Àbúrò mi kà á, ó ní ó dà bíi pé ẹ̀rọ ló kọ ọ́. Kò sí àṣìṣe tí mo rí nínú rẹ̀. Kí ló ṣe é, kí ni kí n ṣe sí i? Òun nìyí:

"Màmá wa jẹ́ obìnrin tí ó ní ìfẹ́, sùúrù àti ìfaradà. Wọ́n jẹ́ àwòkọ́ṣe rere fún gbogbo àwọn ọmọ wọn àti fún àwùjọ. Ní àfikún, wọ́n ṣiṣẹ́ takuntakun àti tọ́ àwọn ọmọ wọn nínú ẹ̀kọ́. Òwò wọn kì í ṣe ọ̀nà ìjẹun nìkan, ó tún jẹ́ ọ̀nà ìrànlọ́wọ́. Ìwà ọ̀làwọ́ wọn jẹ́ mímọ̀ nípasẹ̀ gbogbo àwọn aládùúgbò wọn. Ní ìparí, ipa wọn nínú ayé wa kò ṣeé fi ẹnu sọ."

Bọ̀dé_Lugbe:
Gbólóhùn rẹ ti gùn jù. Gé gbogbo wọn sí méjì-méjì. Èèyàn kì í sọ̀rọ̀ gígùn báyẹn. Kọ ọ́ báyìí: "Màmá wa ní ìfẹ́. Wọ́n ní sùúrù. Wọ́n ní ìfaradà. Wọ́n ṣiṣẹ́ takuntakun." Ó ti parí nìyẹn.

Ìyá_Ìbejì_Kaduna:
Abíọ́dún, ṣé àwọn tó ń fi ẹ̀rọ yẹ ìwé wò lò ń sá fún? Wọ́n dá iṣẹ́ àṣekágbá ọmọ mi padà níléèwé gíga kan, wọ́n ní ẹ̀rọ ló kọ ọ́. Ohun tó ṣe ni pé ó wá ọ̀rọ̀ mìíràn tó jọ wọ́n fi rọ́pò àwọn ti tẹ́lẹ̀. Níbi tó bá ti kọ "ìfẹ́", kó kọ "ìfẹ́ni". "Takuntakun" di "tọkàntọkàn". Gbìyànjú ẹ̀.

Abíọ́dún_Kubwa:
Rárá Mà, kò sí ẹni tó fẹ́ yẹ ìwé wò. Àwọn tó máa jókòó ní gbọ̀ngàn ni mò ń rò. Ẹ̀gbọ́n Bọ̀dé, mo gé e bí ẹ ṣe wí. Ó tiẹ̀ wá le sí i.

Olóòtú_Wuse:
Ó yẹ kó le sí i. Kí á wo ohun tó ṣe é gan-an kí á tó mú ọ̀bẹ.

Mo ka ọ̀rọ̀ inú gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ 11, ìkejì 12, ìkẹta 12, ìkẹrin 13, ìkarùn-ún 10, ìkẹfà 12. Èyí tó kúrú jù àti èyí tó gùn jù, ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ló wà láàárín wọn. Etí á ti mọ ibi tí gbólóhùn yóò dé sí kó tó dé ibẹ̀, bí ẹni ń gbọ́ odó tí wọ́n ń gún láti ilé kejì. Ìró kan náà, àlàfo kan náà, oorun dé. Ohun tí àbúrò rẹ gbọ́ nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ orúkọ tó máa fún un.

Ìdí tí gígé tí Bọ̀dé gé e kò fi ṣiṣẹ́ nìyẹn. Gbólóhùn ọ̀rọ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin tó tò tẹ̀lé ara wọn ṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba síra wọn ni. Odó náà ló ṣì ń dún, ó kàn yára sí i ni. Kíkúrú kọ́ ni oògùn rẹ̀, àìdọ́gba ni. Ibi kan gbọ́dọ̀ wà tí ẹnu yóò ti sáré lọ jìnnà, kó sì wá bá ibi tí ó ti dúró gbọn-in.

Àmọ́ o ò lè fa gbólóhùn rẹ wọ̀nyí gùn báyìí, torí kò sí ohun tó o máa fi fà á. Kí lo fẹ́ fi kún "ìfẹ́, sùúrù àti ìfaradà"? Wàá kàn mú "ìrẹ̀lẹ̀" kún un ni. Ìdí nìyẹn tí àbá Ìyá Ìbejì náà kò fi lè ràn án: ọ̀rọ̀ tuntun á bọ́ sí àyè ọ̀rọ̀ àtijọ́, àyè náà kò yí padà. Ohun tí Màmá ṣe ni yóò fa gbólóhùn gùn, torí ohun tí èèyàn ṣe máa ń ní ìbẹ̀rẹ̀, àárín àti ìgbà tó parí.

Nítorí náà, dá mi lóhùn kí á tó tẹ̀ síwájú. Kí ni Màmá ń tà? Kí ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń ṣe bí wọ́n bá jí? Níbo ni wọ́n jókòó sí? Kí ni àwọn tí kì í ṣe ọmọ wọn ń pè wọ́n? Kí ni wọ́n ṣe fún ẹlòmíràn tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún wọn pé kí wọ́n ṣe?

Tọ́pẹ́_Zaria:
Kí ẹ tó dáhùn, Abíọ́dún, ẹ má dá a rò nìkan. Ẹ pe ẹnì kan tó jókòó ti Màmá lójà, kí ẹ tẹ fóònù yín láti gbohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ má sì béèrè pé "irú èèyàn wo ni Màmá?" o. Bí ẹ bá bi í bẹ́ẹ̀, "èèyàn dáadáa ni, ọ̀làwọ́ ni" ni yóò fi dá yín lóhùn, ẹ ó tún padà sí ibi tí ẹ wà. Ẹ bi í pé "bí Màmá bá dé láàárọ̀, kí ni wọ́n ń ṣe?" Ìbéèrè ohun tí a ń ṣe ló ń mú ohun tí a rí jáde.

Abíọ́dún_Kubwa:
Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti pe obìnrin tó ń ta kókò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn nígbà náà, mo sì bi àwọn ẹ̀gbọ́n mi. Ohun tí mo rí kó jọ nìyí.

Àkàrà ni Màmá dín ní Nyanya, lábẹ́ igi dongoyárò kan nítòsí gáréèjì, láti 1998 títí di 2016. Aago mẹ́rin ìdájí ni wọ́n ń jí. Ẹ̀wà mudu méjì ni wọ́n ń rẹ sílẹ̀ lálẹ́. Ẹlẹ́rọ tó ń lọ̀ ọ́ máa ń sùn sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, wọ́n á lọ kanlẹ̀kùn kó tó jí. Àwọn dirẹ́bà tó ń lọ sí Garki ló ń kọ́kọ́ rà. Màmá Kósáì ni gbogbo èèyàn ń pè wọ́n, torí kósáì ni Haúsá ń pe àkàrà. Bí àkàrà bá ku díẹ̀ nínú bàsíà, bíi ṣíbí mẹ́ta, wọn kì í tà á mọ́, àwọn almájìrí ni wọ́n ń dín in fún. Wọ́n ní ìwé gbèsè kan, ọ̀pọ̀ kò san. Àwa mẹ́rin la jáde ilé ìwé. Wọ́n fẹ́ràn aró. Wọ́n máa ń lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ Ọ̀yọ́. Wọ́n ní rédíò kékeré kan tí wọ́n fi rọ́bà dè.

Olóòtú_Wuse:
O ti lówó, o kò kàn tíì ná an ni.

Wo "ọ̀làwọ́". Nínú ìpínrọ̀ àkọ́kọ́, ìwọ lo sọ fún wa pé Màmá lawọ́, a sì ní láti gbà ọ́ gbọ́ torí pé ọmọ wọn ni ọ́. Nísinsìnyí ṣíbí mẹ́ta ti sọ ọ́, o kò sì dárúkọ ọ̀làwọ́ rárá. Èyí tó ṣe pàtàkì jù nínú rẹ̀ ni "mẹ́ta". Bí o bá kọ "díẹ̀", ìyá ẹnikẹ́ni ni. Bí o bá kọ "mẹ́ta", ẹnì kan wà níbẹ̀ tó ń kà á.

Ìdánwò tí mo máa ń lò nìyí: mú orúkọ Màmá kúrò nínú gbólóhùn, fi ìyá ẹlòmíràn sí i. Bó bá ṣì bá a mu, gbólóhùn náà kò sọ nǹkan kan nípa Màmá. Gbólóhùn rẹ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ìjọ́sí ló bá ìyá mi mu. Ó bá ìyá Bọ̀dé mu pẹ̀lú. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ilé ìfowópamọ́ mu.

Bọ̀dé_Lugbe:
Ẹ fi ìyá mi sílẹ̀ o 😄. Kí ló wá dé tí ẹ kò fi òwe sí i? Òwe ló ń jẹ́ kí Yorùbá dùn. "Òrìṣà bí ìyá kò sí" ni kó fi parí ẹ̀.

Olóòtú_Wuse:
Fi ìdánwò yẹn kan náà wò ó, Bọ̀dé. Ìyá wo ni kò bá mu? Òwe tó bá jáde lẹ́nu Màmá fúnra wọn níbi tí wọ́n ti ń dín àkàrà, ìyẹn lè wọlé. Èyí tí gbogbo ìwé ètò ń lò kì í mú nǹkan kan wá.

Ó tún ku ohun mélòó kan nínú ìpínrọ̀ àtijọ́ tó ń jẹ́ kó dún bí ẹ̀rọ, tí kò sì kan gígùn tàbí kíkúrú. Wo "wọ́n ṣiṣẹ́ takuntakun àti tọ́ àwọn ọmọ wọn". Nínú Yorùbá, "àti" kì í so ọ̀rọ̀ ìṣe pọ̀. "Iṣu àti epo", ó dára. "Ó jẹun àti sùn", kò sí ìyá tó sọ bẹ́ẹ̀ rí, "ó jẹun, ó sì sùn" ni. Bí o bá rí "àti" láàárín ohun méjì tí ẹnì kan ṣe, èdè òyìnbó ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. "Jẹ́ mímọ̀ nípasẹ̀ gbogbo àwọn aládùúgbò" náà rí bẹ́ẹ̀. "Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ wọ́n" ni à ń wí. "Ní àfikún" àti "ní ìparí" kò sọ nǹkan kan, ìgbésẹ̀ iṣẹ́ Màmá ni yóò so ọ̀rọ̀ pọ̀ fúnra rẹ̀. Ka "jẹ́" tó wà níbẹ̀ pẹ̀lú: mẹ́rin nínú gbólóhùn mẹ́fà. Ibi tí "jẹ́" bá ti pọ̀, ẹnikẹ́ni kì í ṣe nǹkan kan, wọ́n kàn wà bẹ́ẹ̀ ni.

Kọ ọ́ báyìí, kí o sì mú un wá síbí. Mú ohun mẹ́rin péré nínú àwọn tó o kó jọ. Aró, ìpàdé àti rédíò, fi wọ́n sílẹ̀ ná. Fi gbólóhùn tó gùn jù sí ibi tí iṣẹ́ ti ń ṣẹlẹ̀ láìdúró. Fi èyí tó kúrú jù sí ibi tó o fẹ́ kí gbọ̀ngàn dákẹ́.

Abíọ́dún_Kubwa:
Mo gbìyànjú:

"Aago mẹ́rin ìdájí ni Màmá máa ń jí. Wọ́n á bó ẹ̀wà mudu méjì tí wọ́n ti rẹ sílẹ̀ lálẹ́, wọ́n á gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́rọ, wọ́n á kanlẹ̀kùn títí yóò fi jí, wọ́n á gbé e bọ̀, wọ́n á pò ó, wọ́n á gbé epo kaná kí dirẹ́bà àkọ́kọ́ tó yọ. Lábẹ́ igi dongoyárò kan ní Nyanya ni owó ilé ìwé ọmọ mẹ́rin ti jáde. Màmá Kósáì ni gbogbo gáréèjì ń pè wọ́n, àtàwa Yorùbá tó yẹ ká sọ pé àkàrà. Ṣíbí mẹ́ta ìkẹyìn nínú bàsíà, Màmá kì í tà á. Ti àwọn almájìrí ni. Wọ́n jẹ́ àpẹẹrẹ ìfẹ́ àti ọ̀làwọ́ tòótọ́ fún gbogbo wa."

Olóòtú_Wuse:
Àbúrò, o ti dé ibẹ̀. Ó ku gbólóhùn ìkẹyìn. "Ti àwọn almájìrí ni" ni gbọ̀ngàn ti dákẹ́, ìwọ wá dìde láti ṣàlàyé ìdí tí wọ́n fi dákẹ́. Pa á rẹ́. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ba iṣẹ́ ara wọn jẹ́ nìyẹn: wọ́n á fi ohun tí a rí hàn, ẹ̀rù á bà wọ́n pé kò yé wa, wọ́n á tún wá fi orúkọ ìwà lé e lórí.

Bí o bá ti pa á rẹ́, kíka rẹ̀ yóò jẹ́ 8, 45, 14, 16, 10, 4. Wo bí 45 ṣe tẹ̀lé 8. Gbólóhùn 45 yẹn kò ní lọ́ mọ́ ẹni tó ń kà á lẹ́nu, torí pé ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "wọ́n á", ẹnu sì lè mí níbi kọ́mà kọ̀ọ̀kan. Ohun tó máa ń jẹ́ kí gbólóhùn gígùn takókó ni "tí" tó wọ inú "tí": "ẹlẹ́rọ tí ó ń sùn sí ṣọ́ọ̀bù tí ó wà nítòsí ilé tí a ń gbé". Èyí kò ní irú rẹ̀.

Má sì jẹ́ kí ònkà yìí di ẹrú rẹ. Ẹ̀yìn tó o bá kọ ọ́ tán lò ń kà á, láti fi wá ibi tó ti dọ́gba jù. Bó o bá ń kà á bó o ṣe ń kọ ọ́, wàá bẹ̀rẹ̀ sí í gé ọ̀rọ̀ torí iye, yóò sì hàn.

Alàgbà_Minna:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ. Ohun kan ń dà mí láàmú níbẹ̀. "Wọ́n á kanlẹ̀kùn títí yóò fi jí." Ta ni "wọ́n", ta ni "yóò"? Èmi mọ̀ torí pé mo farabalẹ̀ kà á. Àwọn tó wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn, tí ariwo jẹnẹrétọ̀ wà létí wọn, lè rò pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń kanlẹ̀kùn. "Wọ́n" ọ̀wọ̀ àti "wọ́n" ọ̀pọ̀ kò yàtọ̀ nígbà tí a bá kà á sókè.

Olóòtú_Wuse:
Ẹ ṣeun, Bàbá. Ẹ rí i ju èmi lọ. Ibi tí òǹkọ̀wé Yorùbá ti ń jìyà gan-an nìyẹn, pàápàá bí ìyá tí à ń kọ nípa rẹ̀ bá ń bá àwọn èèyàn pàdé lójà. Abíọ́dún, kọ ọ́ pé "wọ́n á kanlẹ̀kùn títí ẹlẹ́rọ yóò fi jí", kí o sì fi "Màmá" rọ́pò "wọ́n" tó bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn náà, "Màmá á bó ẹ̀wà mudu méjì". Bí o bá wá fẹ́ fi àwọn dirẹ́bà kún un, má pè wọ́n ní "wọ́n", pè wọ́n ní "àwọn dirẹ́bà" lẹ́ẹ̀kan sí i. Àtúnpè kì í ṣe àbùkù níbẹ̀.

Bọ̀dé_Lugbe:
Àbí kó kúkú lo "ó" fún Màmá? Àwọn Ìjẹ̀bú àtàwọn Èkìtì a máa fi "ó" sọ̀rọ̀ nípa àgbà, kò sì bu ẹnikẹ́ni kù. Ìpínrọ̀ náà á mọ́ gaara.

Alàgbà_Minna:
Ọmọ Ọ̀yọ́ ni Màmá, ó ti sọ ọ́. Kí ọmọ Ọ̀yọ́ dìde lójú ẹgbẹ́, kó ní "ó jí láago mẹ́rin"? Mo máa dìde kúrò níbẹ̀.

Tọ́pẹ́_Zaria:
Èmi wà láàárín ẹ̀yin méjèèjì. Nínú ìwé tí a ń fojú kà, mo ti rí i tí "ó" dára nínú ìtàn nípa ìyá. Nígbà tí ọmọ bá ń kà á sókè níwájú ìyá, n kò mọ ẹni tó lè gbà á.

Ìyá_Ìbejì_Kaduna:
Abíọ́dún, ìwé gbèsè yẹn wù mí jù nínú gbogbo ohun tó o kó jọ. Kí ló dé tí o kò lò ó?

Abíọ́dún_Kubwa:
Mo fẹ́ lò ó Mà. Ṣùgbọ́n mẹ́ta nínú àwọn tó jẹ gbèsè yẹn máa wà ní gbọ̀ngàn.

Olóòtú_Wuse:
Fi í sílẹ̀ nígbà náà. Ohun tí a rí máa ń ní ẹni tó ni ín, kò sì dára kí ọjọ́ ìbí Màmá di ọjọ́ ìtìjú ẹlòmíràn. Má sì gbìyànjú láti bò ó mọ́lẹ̀ pẹ̀lú "àwọn kan jẹ wọ́n ní gbèsè". Gbọ̀ngàn á bẹ̀rẹ̀ sí í wojú ara wọn ni.

Nígbà tí a wà lórí rẹ̀, má ṣe hùmọ̀ èyí tí kò ṣẹlẹ̀. Bí ìpínrọ̀ bá ń wá ohun kan sí i, tí o kò sì ní in, pe obìnrin oní-kókò yẹn padà. Bí o bá kọ mudu mẹ́ta nígbà tó jẹ́ méjì, ẹni kan yóò wà níbẹ̀ tó bá Màmá gbé e.

Bọ̀dé_Lugbe:
Ọ̀rọ̀ mudu yẹn náà. Àwọn ará Ìbàdàn tó ń bọ̀, ta ni nínú wọn tó mọ mudu? Kó kọ kọ́ńgò.

Olóòtú_Wuse:
Nyanya ni Màmá ti wọn ẹ̀wà, kì í ṣe Bodija. Mudu ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n yóò mọ̀ láti inú gbólóhùn pé òṣùwọ̀n ni. Bí o bá kọ kọ́ńgò, àríwá ti kúrò nínú ìpínrọ̀ nìyẹn, dongoyárò á wá dá dúró níbẹ̀ bí àlejò.

Alàgbà_Minna:
Èmi kò ní jà sí mudu. Àmọ́ bàsíà yẹn, ṣé bàsíà ni Màmá ń pè é, àbí róbà?

Abíọ́dún_Kubwa:
Róbà ni wọ́n ń pè é, Bàbá. Mo ń lọ yí i padà báyìí.